Àwa Fúnra Wa La Fẹjọ́ Ara Wa Sùn

Kò sí ìjọ tó mọ ìgbọ́ràn í ṣe bí ìjọ Òkè Ìtùnú tó wà ní Wuye ní Àbújá. Bí Pásítọ̀ Fọláyan bá ní kí wọ́n dìde, wọ́n á ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. Bó bá ní kí wọ́n gbààwẹ̀, ẹni tó ti ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin lọ́wọ́ á gbé ife tíì sílẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìwà rere ni, ó sì máa ń dùn mọ́ Pásítọ̀ nínú. Ìwà rere yìí kan náà ló kó gbogbo wọn sí wàhálà ní ọ̀sẹ̀ tí Bàbá Fèyí sọnù.

Kàfíńtà ni Bàbá Fèyí kó tó fẹ̀yìn tì. Àìsàn ìgbàgbé ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó lè pe Fèyí, ọmọ rẹ̀, ní orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, kó tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọbẹ̀ ti jinná. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Fèyí ní kó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà kí òun ká wáyà kámẹ́rà tán, nítorí òun ló ń mójú tó kámẹ́rà nínú ẹgbẹ́ mídíà. Nígbà tó fi máa ká wáyà tán, àga nìkan ló bá.

Wọ́n wá bàbá káàkiri Wuye, wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri. Kíkẹ́olúwa, olórí ẹgbẹ́ mídíà, gbé àwòrán náà sórí ojú-ewé ìjọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì ń pín in kiri títí tó fi kúrò lọ́wọ́ ìjọ, tó di ti gbogbo Àbújá. Ohun kan wà tí Kíkẹ́olúwa fi ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣe: kò jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù kankan sí i. Àwọn gbájúẹ̀ ti fojú ìdílé kan rí màbo nínú ìjọ yìí rí. Wọ́n ń pè wọ́n pé ọmọ yín wà lọ́wọ́ wa, ẹ tètè sanwó, nígbà tí ọmọ ọ̀hún wà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wo bọ́ọ̀lù. Kíkẹ́olúwa tilẹ̀ ti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fèsì ní gbangba pa. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé ẹni tó bá rí bàbá yìí, kó kọ̀wé sí àpótí àtẹ̀jíṣẹ́ ojú-ewé yìí nìkan. Gbogbo ìjọ ló yìn ín fún ọgbọ́n yẹn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó jókòó sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, níbi tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà mídíà sí. Ó ti gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní báńkì. Ó fẹ́ ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ló bá lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn aláṣẹ ìkànnì tí ojú-ewé ìjọ wà lórí rẹ̀ ní ó jọ pé ojú-ewé yìí ń fi orúkọ àti àwòrán ẹlòmíràn bojú, nítorí náà àwọn ti gba àkóso rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀ títí àwọn yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Gbogbo ayé ṣì lè rí ojú-ewé náà, wọ́n sì lè kọ̀wé sí i. Àwọn tó ni ín gan-an ni kò lè wọlé. Wọn ò lè gbé nǹkan síta, wọn ò sì lè ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn.

Fèyí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú nítorí ẹkún.

"Àǹtí Kíkẹ́, ẹni tó bá ti rí dádì mi ńkọ́? Níbo ló máa kọ ọ́ sí?"

"Ibẹ̀ náà ni."

"Ibi tí a ò lè ṣí yìí?"

Kíkẹ́olúwa tún tẹ àpótí náà, kò ṣí. Lóòótọ́, wọ́n ti ń pín àwòrán mìíràn tó ní nọ́ńbà fóònù lórí Wáàsáàpù, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti rin ìrìn àjò tirẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó lè pè é padà. Ọgbọ́n tí wọ́n yìn ín fún ti di ògiri láàárín Fèyí àti bàbá rẹ̀. Ó pinnu níbẹ̀ pé òun ò ní dìde ní ìdí kọ̀ǹpútà yìí àfi tí ilẹ̀kùn náà bá ṣí.

Wálé, igbákejì rẹ̀, ní kí ọkàn wọn balẹ̀. "Sister Kíkẹ́, mo ti handle ẹ̀. Mo ti kọ message sí support láti àárọ̀."

Ó fi hàn wọ́n. Ní tòótọ́, Wálé mọ̀wé kọ. Ó kí àwọn òṣìṣẹ́ ìkànnì náà ní orúkọ Olúwa tí kò ní àfiwé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí àwọn àti ìdílé wọn sí di oṣù yìí. Ó sọ ìtàn bí ìjọ Òkè Ìtùnú ṣe bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó dárúkọ àwọn pásítọ̀ tó ti jẹ níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ní àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò sì ní borí. Níparí, ó súre fún ilé-iṣẹ́ náà. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀: kò sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Èsì ti dé. Wọ́n ní àwọn kò mọ ohun tó ń béèrè, kó jọ̀ọ́ yan ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀.

"Ẹ̀rọ ló dáhùn yẹn," Wálé wí, ojú tì í díẹ̀.

"Ẹ̀rọ ò ṣe àmín, Wálé. Ó dáa pé àpótí ìbéèrè lásán lo kọ ọ́ sí. Ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò gan-an ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa gbà á. Tí a bá ba ìyẹn jẹ́, ó tán nìyẹn."

Kó tó kọ lẹ́tà kankan, ó ní òun gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn oníjìbìtì kan ti ṣí ojú-ewé ayédèrú pẹ̀lú orúkọ ìjọ, wọ́n jí àwòrán Bàbá Fèyí gbé síbẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà tiwọn, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn aláàánú. Ní ìsìn alẹ́ Ọjọ́rú, Pásítọ̀ bínú, ó ní kí gbogbo ìjọ fẹjọ́ ayédèrú náà sùn kí wọ́n lè tì í pa. Ìgbà tí Kíkẹ́olúwa wá lọ wo ayédèrú náà báyìí, ó wà níbẹ̀ tó ń tàn yanran. Tiwọn ni wọ́n tì.

Ó ṣí ẹgbẹ́ Wáàsáàpù ìjọ, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ àná láti òkè wá sísàlẹ̀. Màmá Dára, ìyálóde ìjọ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní bí a ṣe ń ṣe ẹ̀wọ̀n àdúrà, tí ilé-ìjọsìn kékeré kọ̀ọ̀kan ń gba wákàtí tirẹ̀ kí iná àdúrà má bàa kú, bẹ́ẹ̀ náà ni kí á ṣe ti èyí. Kí Wuye bẹ̀rẹ̀, kí Jabi gbà á lọ́wọ́ wọn, kí Gwarinpa tẹ̀ lé e, kí Kubwa fi ilẹ̀ mọ́ ọn. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó lẹ ìsopọ̀ tí wọn yóò tẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn, èsì lọ bẹẹrẹbẹ: "Mo ti ṣe é, màmá." "Done, ma." "Kubwa ti parí, ògo ni fún Ọlọ́run."

Kíkẹ́olúwa tẹ ìsopọ̀ náà. Ojú-ewé ìjọ Òkè Ìtùnú gan-an ló ṣí, ojúlówó, tó ní ìkéde bàbá lórí. Màmá Dára ti tẹ orúkọ ìjọ síbi ìwádìí, ó mú èyí tó kọ́kọ́ jáde, ó pín in. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo ìjọ tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi tọkàntọkàn fẹjọ́ ara wọn sùn, ní wákàtí wákàtí.

"Kai!" Wálé gbá orí mú. "Àwa la ṣe é?"

Fèyí rẹ́rìn-ín, ó sì tún bú sẹ́kún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn dun Kíkẹ́olúwa ju ẹkún lọ.

Wọ́n bá Pásítọ̀ Fọláyan ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kíkẹ́olúwa nílò ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ ìjọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nílò àṣẹ rẹ̀. Pásítọ̀ fa ìwé yọ kíá. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ ohun tó fẹ́ kọ, ó fà sẹ́yìn.

"Kíkẹ́, gbọ́ mi. Kí a sọ fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó pé àwọn ọmọ ìjọ mi ló fẹjọ́ ìjọ mi sùn? Kí ni wọ́n máa fojú wò wá? Kọ ọ́ pé àwọn ọ̀tá ló ṣe é. Òótọ́ náà ni, ṣé Èṣù kọ́ ló fa gbogbo ẹ̀?"

"Dádì, ẹ má bínú sí mi. Tí a bá pe ọ̀tá, wọ́n máa bi wá pé ọ̀tá wo. Bí gbogbo oníjìbìtì ṣe máa ń sọ náà nìyẹn. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó fẹjọ́ sùn lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ àwọn kan náà tó ń tẹ̀ lé wa, tó ń bá wa ṣe ìsìn ló fẹjọ́ wa sùn, òótọ́ nìkan ló lè ṣàlàyé ẹ̀."

"Màmá Dára ńkọ́? Ṣé o fẹ́ dójú tì wọ́n ni?"

"Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, sà."

"Ṣé o mọ̀ pé ìròyìn yìí lè jáde? Kí àwọn ìjọ tó kù máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?"

Inú ń bí Kíkẹ́olúwa, ṣùgbọ́n ó fi ìbínú náà sí ìkáwọ́. "Dádì, kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Fèyí wà níta."

Ilẹ̀kùn ti ṣí nígbà tó ń sọ ìyẹn. Màmá Dára ló wọlé, gèlè rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Wálé ti ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tó máa ń mú kí gbogbo ọ̀dọ́ ìjọ gbé fóònù wọn pamọ́ tó bá ń bọ̀, wá dúró níwájú Fèyí bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Èmi ni mo pín in, ọmọ mi," ó wí fún Fèyí. "Mo rò pé mo ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Ẹ dákun, ẹ má pa á mọ́ nítorí mi. Kíkẹ́, kọ orúkọ mi sí i. Ya àwòrán ohun tí mo kọ yìí, kí wọ́n rí i pé àgbàlagbà kan ló ṣi ìsopọ̀ mú. Wọn ò lè fi mí sẹ́wọ̀n."

Pásítọ̀ wo Màmá Dára, ó wo Fèyí, ó sì ti ìwé ẹ̀rí náà sọ́dọ̀ Kíkẹ́olúwa. "Kọ òótọ́," ó ní. "Kọ gbogbo ẹ̀."

Gẹ̀ẹ́sì ni Kíkẹ́olúwa fi kọ ọ́, nítorí èdè tí wọ́n gbọ́ nìyẹn, ohun tó sì wí nìyí. Kò kí wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́. À ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dá àkóso ojú-ewé wa padà fún wa. Ẹ tì í nítorí pé ẹ fura pé à ń fi orúkọ ìjọ mìíràn bojú. Àwa gan-an ni ìjọ náà. Ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ wa lọ́dọ̀ ìjọba wà nínú èyí. Orúkọ inú ìwé gùn ju orúkọ ojú-ewé lọ nítorí pé òfin ní kí a fi orúkọ ìgbìmọ̀ olùtọ́jú ṣáájú, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì kan náà ni. Káàdì ìdánimọ̀ èmi tí mò ń darí rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ojú-ewé wa ti pẹ́ lórí ìkànnì yín. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n ṣí ayédèrú tí ìsopọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, àwòrán wa ló sì jí. Àwọn ọmọ ìjọ wa fẹ́ fẹjọ́ ayédèrú yẹn sùn. Ẹnì kan láàárín wa ṣèèṣì pín ìsopọ̀ tiwa, àwọn yòókù sì tẹ̀ ẹ́. Àwa fúnra wa la fẹjọ́ ara wa sùn. Àwòrán ọ̀rọ̀ tó pín rèé, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ní àìsàn ìgbàgbé ti sọnù, inú àpótí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí nìkan la sì ní kí ẹni tó bá rí i kọ̀wé sí. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dá wa lóhùn."

Ó kà á sókè fún gbogbo wọn. Wálé fẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ Bíbélì kan péré kún un. Kíkẹ́olúwa wò ó, Wálé sì fi í sílẹ̀. Ó so àwọn ìwé mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Nọ́ńbà ẹjọ́ jáde.

Kò fi mọ síbẹ̀. Lásìkò Àjíǹde, ìjọ ti sanwó ìpolówó lórí ìkànnì náà, ẹni tó bá sì ti polówó rí ní ọ̀nà láti bá ènìyàn gidi sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì ti apá ìpolówó yẹn pa. Ó gba ibẹ̀ wọlé, ó dúró títí obìnrin kan fi dá a lóhùn. Obìnrin náà ní òun kẹ́dùn, ṣùgbọ́n òun kò ní agbára láti ṣí ojú-ewé, ẹ̀ka mìíràn ló ń yẹ irú ẹjọ́ yìí wò, òun ò sì lè dá ìgbà fún un. Kíkẹ́olúwa fún un ní nọ́ńbà ẹjọ́. Ó ní kó bá òun kọ ọ́ sínú ẹjọ́ náà pé ọ̀rọ̀ ààbò ẹ̀mí ni. Obìnrin náà ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́, Kíkẹ́olúwa tún padà síbẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n fún un lọ́tẹ̀ yìí, ó sì fi sùúrù sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò sọ ọ́ rí. Láàárọ̀ Ẹtì, ó tún padà. Wọ́n ní kó tún ìwé ẹ̀rí fi ránṣẹ́ nítorí pé igun kan rẹ̀ ò hàn. Ó yà á tuntun, ó fi ránṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní báńkì pè é pé ṣé ó ń bọ̀ wá síbi iṣẹ́ lónìí, ó ní rárá, ẹ má bínú, mi ò lè kúrò níbi tí mo wà.

Ní ọ̀sán Ẹtì, bí ó ṣe ń tún ojú-ewé náà ṣí, ìkìlọ̀ náà ti lọ. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìṣe ni, àwọn sì ti dá a padà.

Fèyí ti fa àga sún mọ́ ọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ pọ̀ bí nǹkan míì: àdúrà, ìkíni, ẹni tó rí bàbá ní Kánò àti ẹni tó rí i ní Pọ̀tá ní ọjọ́ kan náà. Wọ́n ń kọjá lórí wọn títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Wàsíù.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá tí ẹ ń wá wà lọ́dọ̀ wa ní Dei-Dei níbi tí a ti ń já pákó. Ara wọn le. Nọ́ńbà mi rèé." Àwòrán tẹ̀ lé e: Bàbá Fèyí lórí òkìtì pákó, pẹ́ńsùlù létí rẹ̀.

Ní ọ̀sán: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn. Wọ́n ti jẹun. Wọ́n ní àwa ò mọ pákó gé."

Ní ìrọ̀lẹ́: "Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, pẹ́éjì yín ò kú."

Láàárọ̀ Ẹtì: "Ṣé ẹ ò fẹ́ bàbá yín mọ́ ni? Wọ́n ní Ṣakí ni ilé àwọn. Lọ́rì kan ń lọ síbẹ̀ lónìí, ọmọ Ṣakí ni dírẹ́bà, a máa fi wọ́n lé e lọ́wọ́. Ọlọ́run á dájọ́ fún yín."

Fèyí ti ń tẹ nọ́ńbà náà kí wọ́n tó kà á tán. Kíkẹ́olúwa gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wàsíù gbé e. Kíkẹ́olúwa sọ ẹni tó ń pè fún un.

"Ẹ̀yin náà rèé," Wàsíù ní. "Lọ́rì ti gbéra o."

"Ẹ dákun, sà. Wọ́n tì wá mọ́ta ni. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, kì í ṣe pé a ò dá yín lóhùn. Ẹ bá wa pe dírẹ́bà, ẹ ní kó dúró níbikíbi tó bá dé."

Wàsíù pè é. Lọ́rì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ní Gwagwalada. Dírẹ́bà ní òun máa dúró lẹ́bàá títì níbi tí wọ́n ti ń ta omi tútù, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe kíá, ọ̀nà òun jìn.

Ọkọ̀ Pásítọ̀ ni wọ́n gbé. Wálé ló wà á, Màmá Dára jókòó níwájú, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn, Fèyí di ọwọ́ Kíkẹ́olúwa mú, kò sì tú u sílẹ̀ láti Wuye títí dé Gwagwalada.

Lọ́rì náà wà níbẹ̀. Bàbá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó mọ́ tónítóní, ẹnì kan ti fún un ní fìlà. Fèyí ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bàbá wò ó, ó sì pè é ní orúkọ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí dírẹ́bà.

"Ṣé ẹ rí i?" ó ní. "Mo sọ fún yín pé wọn ò gbàgbé mi. Ẹ ní wọn ò fẹ́ mi mọ́."

Dírẹ́bà bojú wolẹ̀. Kíkẹ́olúwa kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn lọ́rì, ó sunkún níbẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ fi fúyẹ́. Ó wá fa fóònù yọ. Ó ṣí ojú-ewé ìjọ, ó sì kọ ọ́ sí i pé a ti rí Bàbá. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà fóònù tirẹ̀.